Ìtọ́jú Abíyá Ṣẹ́ẹ̀tì Funfun Tó Ti Pọ́n Rúsúrúsú

Òógùn tó ń jáde lábíyá kò ní àwọ̀ kankan. Bí abíyá ṣẹ́ẹ̀tì funfun bá wá pọ́n rúsúrúsú, ohun méjì ló sábà máa ń fà á. Èkíní ni èròjà alumíníọ̀mù tó wà nínú rólóònù tó ń dá òógùn dúró. Ó máa ń bá iyọ̀ àti àwọn èròjà inú òógùn dì pọ̀, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ fọ́nrán òwú. Èkejì ni ọ̀rá ara. Bí èyí tó ṣẹ́kù sínú aṣọ bá ti ń pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ á máa sọ ọ́ di pupa. Ìdí nìyí tí èèyàn fi lè fọ ṣẹ́ẹ̀tì, kó gbé e kọ́, kó sì bá a pé abíyá ti pọ́n lọ́jọ́ tó fẹ́ wọ̀ ọ́.

Sódà àti pẹrọ́kísáídì, ìyẹn oògùn olómi kan tí wọ́n ń tà nílé oògùn, la máa pò pọ̀ láti fi tọ́jú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń pa àwọ̀ yẹn. Wọn kì í yọ èyí tó dì gbagidi sínú aṣọ. Nítorí náà, kí ẹ tó po ohunkóhun, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ abíyá ṣẹ́ẹ̀tì náà wò nígbà tó gbẹ. Bó bá rọ̀ bíi ti ibi yòókù, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í po sódà. Bó bá le bíi páálí, tàbí tó ń yọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi àbẹ́là pa á, fínígà ló máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́.

Ká mú ṣẹ́ẹ̀tì òwú funfun kan, tí àbàwọ́n abíyá rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tó sì ti le. Ẹ da ife fínígà funfun kan pọ̀ mọ́ ife omi mẹ́rin nínú abọ́ oníke, kí ẹ rẹ abíyá méjèèjì sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ohun tó kan nínú fínígà yẹn ló ń tú alumíníọ̀mù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ gbo ó díẹ̀, kí ẹ sì fi omi ṣan án títí òórùn fínígà ò fi ní sí mọ́. Ẹ má fojú kéré ṣíṣàn yìí. Bí fínígà bá ṣẹ́kù, á pa agbára sódà. Fínígà àti pẹrọ́kísáídì pọ̀ tún máa ń di ásíìdì tó ń ta ojú àti ọ̀nà ọ̀fun.

Pípo rẹ̀

Sódà tí a ń wí ni sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì. Kì í ṣe békíǹ páúdà, nítorí wọ́n ti da ásíìdì àti sítáàṣì mọ́ ìyẹn. Kì í sì í ṣe sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, ìyẹn kọ́sítíìkì, tó lè bó èèyàn lára. Pẹrọ́kísáídì tó yẹ ni èyí tí wọ́n kọ 3% sí lára ìgò, irú èyí tó wà nílé oògùn. Ti àwọn aṣerunlóge máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè ta awọ ara, ó sì lè ba aṣọ jẹ́.

Pẹrọ́kísáídì tó ti pẹ́ ní ṣíṣí máa ń di omi lásán, ọ̀pọ̀ tó sì ń sọ pé iṣẹ́ náà ò jẹ́ fún wọn, ìgò tó ti kú ni wọ́n lò. Ẹ kán an sójú pòtétò tútù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Bó bá hó funfun lójú ẹsẹ̀, ó ṣì lágbára. Bí kò bá hó, ẹ ra òmíràn. Nínú ìgò rẹ̀ tó dúdú ni kẹ́ ẹ máa fi í sí, torí ìmọ́lẹ̀ ń pa á.

Fún abíyá méjèèjì, ẹ lo ṣíbí ńlá sódà mẹ́rin àti ṣíbí ńlá pẹrọ́kísáídì méjì. Ẹ kán ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ sí i díẹ̀, ìdajì ṣíbí kékeré tó, nítorí ọ̀rá. Inú abọ́ oníke tàbí tánganran ni kẹ́ ẹ ti pò ó. Irin àti bàbà máa ń mú kí pẹrọ́kísáídì tètè hó dànù kó tó débi aṣọ, bí irin tó dógùn-ún bá sì wà lára aṣọ, ojú ibẹ̀ lè jẹ. Ó yẹ kó ki bí ọṣẹ ìfọyín. Bó bá ń ṣàn, ẹ fi sódà díẹ̀ kún un. Bó bá ń fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ kán pẹrọ́kísáídì sí i. Ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa lò tán ni kẹ́ ẹ pò. Ẹ má ṣe rọ ìyókù sínú ìgò kẹ́ ẹ dé e, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ lè bẹ́ ìgò náà.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kẹ́ ẹ yí inú ṣẹ́ẹ̀tì síta, torí inú ni ìdọ̀tí ti wọlé. Kí abíyá tutù, ṣùgbọ́n kó má máa kán. Ẹ fi pa inú àti òde, kó nípọn bí ojú kọ́bọ̀ méjì tí a tò léra, kẹ́ ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rọra gbo ó. Bẹ́ ẹ bá tẹ́tí sí i, ẹ lè gbọ́ tó ń ṣe ṣìì.

Ẹ fi í sílẹ̀ lábẹ́ òjìji fún ìṣẹ́jú márùnlélógójì. Ibi tí ó ti sábà máa ń bàjẹ́ nìyí: wọ́n á sá a sóòrùn, á gbẹ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iṣẹ́ á sì dúró, torí ìgbà tó bá tutù nìkan ni pẹrọ́kísáídì ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi láílọ́ọ̀nù bò ó láìdì í pa. Bó bá fẹ́ gbẹ, ẹ kán pẹrọ́kísáídì sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣan án dáadáa, kẹ́ ẹ fọ ṣẹ́ẹ̀tì náà bẹ́ ẹ ṣe máa ń fọ̀ ọ́.

Ẹ má tíì lọ̀ ọ́. Ooru áyọ́ọ̀nù tàbí ti ẹ̀rọ tí ń gbẹ aṣọ máa ń mú kí èyí tó ṣẹ́kù wọra. Aṣọ tútù sì máa ń tan ojú jẹ. Ẹ sá a gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi abíyá rẹ̀ wé ẹsẹ̀ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ibi tí wọ́n ń tẹ̀ bọ ṣòkòtò, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Bí ìyàtọ̀ bá ṣì wà, ẹ tún un ṣe. Àbàwọ́n ọlọ́jọ́ pípẹ́ lè gbà tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Bó bá kọjá ìyẹn tí kò yí padà, ẹ fi í sílẹ̀. Òwú náà ni yóò máa rẹ̀ báyìí, kì í ṣe àbàwọ́n.

Ohun tí kò yẹ kó kàn án

Bílíìṣì olóòórùn líle ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ ń sáré mú, òun gan-an ló sì máa ń sọ àbàwọ́n náà di pupa sí i, nítorí èròjà òógùn tó wà nínú aṣọ. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ pẹrọ́kísáídì. Bẹ́ ẹ bá ti lò ó tẹ́lẹ̀, ẹ fọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, kẹ́ ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fínígà tàbí sódà.

Sílíìkì àti irun àgùntàn kò gba iṣẹ́ yìí, torí ó máa ń jẹ fọ́nrán wọn. Òwú funfun, tàbí òwú tí wọ́n hun pọ̀ mọ́ pọ́líẹ́sítà, ló gbà á. Bí ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà bá ní ìlà aláwọ̀, ẹ kọ́kọ́ kán pẹrọ́kísáídì sí etí ìṣẹ́po inú, kẹ́ ẹ wò ó lẹ́yìn wákàtí kan bóyá àwọ̀ ń ṣí.

Bí abíyá bá ti funfun padà, ẹ jẹ́ kí rólóònù gbẹ lára kẹ́ ẹ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì fi omi ṣan abíyá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ wọ̀ ọ́, bí kò tilẹ̀ tíì kan fífọ̀.