Àmì Àṣeyọrí Tí Ọmọ Ọdún 6 Lè Fi Ìka Tọ́ka Sí

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún olùkọ́ kíláàsì kìíní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti òbí tó ń bá ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá

Ohun tó sábà máa ń wà nínú nóòtì ẹ̀kọ́ ni pé: "Ní ìparí ẹ̀kọ́ yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè kọ gbólóhùn abọ́dé kan dáadáa." Olùkọ́ mọ ohun tó ní lọ́kàn, ọ̀gá tó ń yẹ nóòtì wò náà sì mọ̀ ọ́n. Ọmọ nìkan ni kò mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ fún un pé kó wò ó bóyá iṣẹ́ rẹ̀ dáa, ojú yín ni yóò wò, kò ní wo ìwé. Ohun tó ń wá lójú yín ni bóyá inú yín dùn.

Àfojúsùn yẹn kò burú, ti olùkọ́ ni. Ọmọ nílò tirẹ̀: ohun méjì tàbí mẹ́ta tó hàn lójú ìwé, tó lè fi ìka kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni à ń pè ní àmì àṣeyọrí nínú ìwé yìí. Bí ọmọ kò bá lè fi ìka kan ohun náà, ẹ má tíì fún un.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà fúnra yín

Kí ẹ tó wọ kíláàsì, ẹ mú pẹ́ńsùlù kí ẹ kọ gbólóhùn tí ẹ fẹ́ kí ọmọ kọ. Ẹ jẹ́ ká mú èyí: Bọ́lá ra bọ́ọ̀lù. Ẹ wá bi ara yín pé, kí ló mú kí n gbà pé èyí dáa? Lẹ́tà ńlá ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àlàfo méjì ló ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà sọ́tọ̀. Àmì ìdánudúró wà níparí. Àmì mẹ́ta wà lábẹ́ ọ. Àmì ohùn wà lórí fáwẹ́lì. Lẹ́tà jókòó lórí ìlà. Ìtumọ̀ rẹ̀ sì pé.

Méje nìyẹn, ọmọ ọdún 6 kò sì lè gbé méje lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: lẹ́tà ńlá, àlàfo, ìdánudúró. Àwọn yòókù kò sọnù, wọ́n ń dúró de ọ̀sẹ̀ tiwọn. Àmọ́ lójú pátákó, ẹ̀yin ẹ kọ gbogbo àmì pé, torí ohun tí ọmọ ń rí lójoojúmọ́ ni yóò mọ́ ọn lára. Ẹ kàn má fi àmì tí ẹ kò tíì kọ́ ọ gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀.

A ò ṣàdédé mú gbólóhùn yẹn. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ìró máa ń pa jẹ: "ra ẹja" á di "rẹja", "wọ ọkọ̀" á di "wọkọ̀". Ọmọ tó ń kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ yóò lẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, a ó sì bá a wí lórí ohun tó gbọ́ dáadáa. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àlàfo, ẹ lo ọ̀rọ̀ orúkọ tí kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: bàtà, bọ́ọ̀lù, búrẹ́dì. Ìpajẹ lè dé lẹ́yìn.

Sísọ ọ́ lẹ́nu ọmọ

Kí "mo" tàbí "mi" wà nínú gbólóhùn náà, kó kúrú, kó sì jẹ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lójú ìwé, nítorí lẹ́yìn iṣẹ́ ni ọmọ yóò lò ó. "Mo lo àlàfo tó yẹ" kò tíì kúrò lẹ́nu olùkọ́. Kí ló "yẹ"? "Wóró àgbàdo kan gba àárín ọ̀rọ̀ mi" ni ọmọ lè dán wò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá di báyìí:

Mo fi B bẹ̀rẹ̀, n kò fi b bẹ̀rẹ̀.
Wóró àgbàdo gba àárín ọ̀rọ̀ mi.
Mo fi àmì róbótó kan parí rẹ̀.

Ẹ wo ti àkọ́kọ́ dáadáa. Ìdí tí a kò fi kọ "Mo lo lẹ́tà ńlá" ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ á kàn kọ b kékeré, wọn á fẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ga ju ìlà lọ, torí "ńlá" ni wọ́n gbọ́. Ìrísí lẹ́tà ni ẹ fi hàn wọ́n, kì í ṣe títóbi rẹ̀. Fún ìdí yìí kan náà, ẹ má fi orúkọ tí O, S, W tàbí K bẹ̀rẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: ńlá àti kékeré wọn jọra, ọmọ kò sì ní rí ohun tí yóò fi yà wọ́n sọ́tọ̀. B, D, A, R àti G dára.

Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí páálí kan, kí ẹ ya àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: B àti b tí a fa ìlà gba orí rẹ̀, àpótí méjì tí wóró àgbàdo wà láàárín wọn, àmì róbótó kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì lè ka gbólóhùn náà tán, àwòrán ni wọn yóò kà. Ẹ gbé páálí náà kọ́ níbi tí ojú ọmọ tó jókòó dé.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ohun tó máa ń yọ́ wọ páálí yìí tí kò yẹ níbẹ̀. "Mo dákẹ́" jẹ́ ìwà. "Mo kọ orúkọ mi sókè ìwé" jẹ́ àṣẹ kíláàsì. "Iṣẹ́ mi mọ́ tónítóní" ló burú jù, torí ọmọ tó ń bẹ̀rù ìdọ̀tí kò ní fẹ́ pa ohun tó ṣì kọ rẹ́ kó tún un ṣe.

Nínú kíláàsì

Ẹ kọ gbólóhùn tí kò pé sójú pátákó: bọ́lá rabọ́ọ̀lù. Ẹ má sọ ẹni tó kọ ọ́, ẹ má sì fi ìwé ọmọ kankan ṣe àpẹẹrẹ àṣìṣe. Ẹ ka páálí níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ pe ọmọ kan kó wá fi ìka wá ohun náà lójú pátákó. Kò ní rí B, kò ní rí àlàfo kejì, kò sì ní rí ìdánudúró. Kíláàsì á bá a tún un kọ. Ìṣẹ́jú 7 tó fún èyí. Níbẹ̀ gan-an ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò. Bí ẹ bá fò ó, páálí ara ògiri á di ẹ̀ṣọ́ lásán.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ tiwọn, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní wóró àgbàdo gbígbẹ méjì. Kó gbé ọ̀kan sí àlàfo àkọ́kọ́, ọ̀kan sí èkejì. Bí wóró bá bo lẹ́tà mọ́lẹ̀, àlàfo kò tó. Ọmọ á rí i fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, á pa á rẹ́, á sì tún un kọ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń lo ìka ọmọ dípò wóró, ṣùgbọ́n ìka ń bo ohun tí ọmọ fẹ́ wò, ó sì máa ń ni ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé lára. Ẹ ka wóró kí ẹ tó pín in, kí ẹ sì tún un kà nígbà tí ẹ bá ń gbà á padà: ọmọ ọdún 6 lè ti àgbàdo bọ imú tàbí etí.

Fún B, kó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Fún ìdánudúró, kó yí òbìrí ká a. Ẹ má fún wọn ní àpótí mẹ́ta tí wọn yóò kàn máàkì. Ọmọ fẹ́ràn máàkì, á máàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó ka ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: máàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí ìlà kan gbọọrọ, pẹ́ńsùlù kò sì kan gbólóhùn náà rárá. Ẹni tí wọ́n ní kó yí òbìrí ká àmì ìdánudúró kò lè yí i ká ohun tí kò sí.

Kí ọmọ yẹ iṣẹ́ wò kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ yín, kó sì ní ìṣẹ́jú 3 tàbí 4 láti tún ohun tó rí ṣe. Tí bẹ́ẹ̀lì bá lù kó tó tún un ṣe, àyẹ̀wò náà kò ṣe é láǹfààní kankan.

Nígbà tí àmì abẹ́ lẹ́tà bá wọlé

Ẹ mú ìwé 10 láìṣẹ̀ṣà. Tí 8 bá ti ń fi B bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan rán wọn létí, ẹ yọ ìyẹn kúrò lára páálí, kí ẹ fi àmì abẹ́ lẹ́tà rọ́pò rẹ̀. Mẹ́ta náà ni wọn yóò ṣì jẹ́.

Èyí ṣòro ju àwọn tó kù lọ, torí ojú nìkan kò lè sọ fún ọmọ ibi tó yẹ kí àmì wà. Ẹnu ló ń sọ ọ́. Ẹ ní kí ọmọ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, kó pe "oko", lẹ́yìn náà kó pe "ọkọ̀". Àgbọ̀n máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí i nígbà tó bá pe ọ, bẹ́ẹ̀ náà ni fún e àti ẹ. Gbólóhùn tó wá di tirẹ̀ ni: "Ibi tí àgbọ̀n mi bá ti sọ̀ kalẹ̀, mo fi àmì sábẹ́." Fáwẹ́lì méjì yìí nìkan ni èyí wà fún. A máa ń lanu fún "a" náà, ẹ sì sọ fún wọn pé "a" kì í gba àmì abẹ́. S àti ṣ kò ṣe é fi àgbọ̀n mọ̀, ẹ fi wọ́n sí ọ̀sẹ̀ mìíràn: ṣ ni ìró tí a fi ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́.

Ìṣòro méjì máa ń yọjú. Èkínní, ọmọ á fi àmì náà lé orí ìlà ìwé gan-an, ìlà á gbé e mì, olùkọ́ á sì ní kò fi í. Ẹ kọ́ ọ pé kó fi í sísàlẹ̀ ìlà. Èkejì, tí gbólóhùn bá parí sí lẹ́tà tó ní àmì abẹ́, bí i "Bàbá wọ ọkọ̀.", ọmọ á fi àmì kan ṣoṣo sí ìparí, á gbà pé ó ti ṣe méjèèjì. Ẹ má lo irú gbólóhùn yẹn títí wọn yóò fi máa fi àmì abẹ́ sí àárín gbólóhùn láìṣìṣe. Nígbà tí ẹ bá lò ó, ẹ ní kí ọmọ ka àmì méjì níparí: ọ̀kan lábẹ́ lẹ́tà, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àmì ohùn ní tirẹ̀, etí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi dò re mí pe ọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó dé orí páálí.

Nílé

Òbí tí kò lè kàwé náà lè ṣe èyí. Ẹ gbé wóró àgbàdo méjì lé ọmọ lọ́wọ́, kí ẹ ní, "Fi hàn mí." Bóyá wóró gba ibẹ̀ tàbí kò gba ibẹ̀, ojú yín tó o. Bí kò bá gba ibẹ̀, ẹ má bá a kọ ọ́. Ẹ bi í pé, "Kí lo fẹ́ ṣe sí i?", kí ẹ sì fún un ní ìrésà.