Nọ́ọ̀tì níwájú, púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn: bí mo ṣe tún stóò wa tò

Owó tí Àlàájì san fún àwọn tó ta ètò kọ̀m̀pútà stóò fún wa ṣì ń dùn mí, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe owó tèmi. Wọ́n ní ètò náà á sọ ọjà tó ń yá jù fún wa, kí a lè kó o síwájú, kí àwọn ọmọ stóò lè sinmi ìrìn àrìnkú. Ó sì sọ ọ́ lóòótọ́. Ó ní nọ́ọ̀tì àti wáṣà ló ń yá jù. Ọ̀rọ̀ yẹn la gbà gbọ́ tí a fi palẹ̀ pẹpẹ iwájú mọ́, tí a kó àpò nọ́ọ̀tì síbẹ̀, tí púlọ́ọ̀gì àti kébù wá di ará ẹ̀yìn.

Sípíà pátì ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá la ń tà fún àwọn alátùntà, ní Ìbàdàn níbí. Oníbàárà á fi ọ́dà ránṣẹ́ lórí Wasáàpù láti Ìsẹ́yìn, Ṣakí tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ stóò kan á mú ìwé ọ́dà náà, á máa ṣa ọjà káàkiri pẹpẹ, á kó wọn wá sórí tábìlì tí a ti ń dirù, ẹrù á sì lọ sí gáréèjì. Kò pẹ́ tí a tún stóò tò bí kọ̀m̀pútà ṣe wí tí ọ́dà Ṣakí bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù mọ́tò ọ̀sán. Àwọn ọmọ ní, "Àǹtí, ẹsẹ̀ ń ro wá o." Àlàájì ní wọ́n ń ṣọ̀lẹ ni.

Wọn ò ṣọ̀lẹ. Ohun tí kọ̀m̀pútà kà kọ́ ni ẹsẹ̀ ń kà. Iye ẹyọ tó jáde ni ètò náà ń rò pọ̀. Ẹni tó ń ra nọ́ọ̀tì nọ́ńbà 10 lè gbé 500 lẹ́ẹ̀kan, kí a má sì rí ọ́dà rẹ̀ mọ́ títí oṣù á fi parí. Ọmọ stóò lọ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé àpò kan, ó parí. Ẹni tó ń ra púlọ́ọ̀gì ní tirẹ̀ lè mú méjì péré, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ́dà tí púlọ́ọ̀gì ò sí nínú rẹ̀, dandan sì ni kí ẹnìkan rìn dé ìdí rẹ̀ lórí gbogbo wọn.

Mo pe àwọn tó ta ètò náà pé kí wọ́n fún mi ní iye ọ́dà tí ọjà kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní, "Mà, ọjà tó ń yá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ o." Mo ṣàlàyé, ó ní òun á pè mí padà. Kò pè. Nígbà tí mo rí ọ̀gá rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, ó ní ohun tí mo ń béèrè ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Owó kí ni? Ọ́dà wa, a óò tún fowó rà á! Mo gbé páálí tí a ń kó ẹ̀dà ìwé ọ́dà sí sọ̀kalẹ̀, ìwé oníkábọ̀n tí eruku ti bò, mo sì fọwọ́ ara mi tẹ ti oṣù kan odindi sínú Excel. Ìlà kan fún ọjà kan nínú ọ́dà kan: orúkọ ọjà ní B, iye ẹyọ ní D.

Níbẹ̀ ni wàhálà kejì ti yọjú. Bí ó ṣe wà nínú ìwé ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ẹnìkan kọ `PLUG`, ẹlòmíì kọ `Spark plug`, ẹlòmíì `Plug small`, ọjà kan náà sì ni gbogbo wọn. Excel ò bìkítà fún lẹ́tà ńlá àti kékeré nínú irú ìkà yìí, ṣùgbọ́n bí àlàfo kan bá wà lẹ́yìn orúkọ, ọjà mìíràn ló máa kà á sí. Nítorí náà mo gé àlàfo kúrò sínú C, mo fi orúkọ kan ṣoṣo rọ́pò àwọn tó jọra nínú B (ó gba sùúrù), lẹ́yìn náà ni mo tó kà:

```
=TRIM(B2)
=COUNTIF(C:C,F2)
=SUMIF(C:C,F2,D:D)
```

Ìlà kejì ni ẹ nílò: iye ìgbà tí orúkọ tó wà ní F2 jáde. Ìlà kẹta ni ohun tí àwọn yẹn tà fún wa.

Nọ́ọ̀tì nọ́ńbà 10 jáde ní ẹyọ 4,500, àmọ́ ọ́dà 9 péré ló wà nínú rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì jáde ní 1,300, nínú ọ́dà 600. Pẹpẹ ẹ̀yìn tí a lé púlọ́ọ̀gì lọ jìnnà sí tábìlì ní mítà 40, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 80. Ẹ fi 600 sọ ọ́ di púpọ̀, kìlómítà 48 nìyẹn lóṣù, bí ìgbà tí ènìyàn fẹsẹ̀ rìn láti Ìbàdàn títí ó fi kù díẹ̀ kó dé Ọ̀yọ́. Ní pẹpẹ iwájú tó jẹ́ mítà 6, ìrìn kan náà á di 7.2. Bí nọ́ọ̀tì bá sì padà sẹ́yìn, ohun tó máa fi kún ìrìn kò tó kìlómítà kan. Òótọ́ ni pé ọmọ stóò máa ń ṣa ọjà mẹ́rin márùn-ún pọ̀ nínú ìrìn kan, nítorí náà a ò ní jèrè gbogbo 48 yẹn. Síbẹ̀, nígbà tí mo fi ìwé náà han Àlàájì, kò sọ̀rọ̀ ọ̀lẹ mọ́.

Kíkó ọjà fúnra rẹ̀ ò lọ́rọ̀ nínú, ọjọ́ Sunday la ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ ni pé kí ẹ má kó gbogbo ọjà tó ń yá sí ojú kan. A kọ́kọ́ kó wọn sí pẹpẹ kan ṣoṣo, àwọn ọmọ sì ń forí gbárí níbẹ̀ láàárọ̀, ẹnìkan á dúró de ẹnìkejì. A wá pín wọn sí apá òsì àti ọ̀tún ọ̀nà tó kọjú sí tábìlì, láti orúnkún dé èjìká, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀, kó má sì na ọrùn. Bátìrì kì í yá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo, kì í lọ sókè láé. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì náà kì í yá tó ṣéènì, àmọ́ mẹkáníìkì máa ń rà wọ́n pọ̀, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ṣéènì ló ń gbé. Ìwọ̀nba tí a lè ṣà láàárín ọjọ́ díẹ̀ la ń kó síwájú, páálí tó kù wà lẹ́yìn, ẹnìkan á sì kún un láàárọ̀ kí ọ́dà tó wọlé.

Ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà pẹpẹ lára pẹpẹ àti nínú kọ̀m̀pútà lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó ti pẹ́ jù nínú àwọn ọmọ wa ní ọwọ́ òun ti mọ ibi tí nǹkan wà, òun ò nílò nọ́ńbà. Ó rìn dé ẹ̀yìn lọ wá púlọ́ọ̀gì títí ó fi sú òun fúnra rẹ̀.

Ọ́dà Ṣakí ti ń bá mọ́tò ọ̀sán báyìí, inú mi sì dùn sí i, kí n má purọ́. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni mo ń tún un kà, torí bí òjò bá dé, búréèkì ṣúù àti táyà á gòkè. Bí ẹ bá fẹ́ ra irú ètò yẹn, ẹ mú ọjà kan tí ẹ mọ̀ dáadáa, ẹ fọwọ́ ka iye ìwé ọ́dà tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ẹ sì ní kí ẹni tó ń tà á mú iye yẹn jáde lójú yín kí ẹ tó sanwó. Àlàájì ṣì ń wá ọmọkùnrin orí fóònù yẹn.