Ọ̀rọ̀ àbúrò já sínú gúrúùpù ẹgbẹ́: báwo ló ṣe bàjẹ́ tó?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Àró ní Akúrẹ́ ni mo ti ń ránṣọ. Mo fẹ́ kọ̀wé sí àbúrò mi tó ń bá mi pín aṣọ ẹbí ní Oǹdó, àṣé inú gúrúùpù Wasáàpù ẹgbẹ́ tó ra aṣọ náà ni mo fi í sí. Àwa mọ́kànlélógójì la wà níbẹ̀. Ohun tí mo kọ rèé: “Ìyá Ẹlẹ́pà ò tíì sanwó o. Ẹnu lásán ni wọ́n ní. Má gbé aṣọ fún wọn títí owó á fi wọlé.” Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ti lọ kí n tó rí i. Ṣé kí n tètè pa á ni?

Ìdáhùn: Ẹ mú sùúrù díẹ̀, kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ. Tẹ́ ẹ bá ti pa á, ẹ ò ní rí orúkọ àwọn tó ti ṣí i mọ́, orúkọ yẹn gan-an la sì fẹ́ fi mọ bó ṣe bàjẹ́ tó. Ẹ fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ kó dúró, ẹ tẹ àmì mẹ́ta tó tò léra wọn lókè lápá ọ̀tún, kí ẹ wá yan `Info`. Ẹ ó rí `Read by` àti `Delivered to`. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín níbẹ̀, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ẹ má fi tíìkì nìkan ṣe ìwọ̀n. Nínú gúrúùpù, tíìkì méjì kì í di àwọ̀ búlúù àfi tí gbogbo ènìyàn bá ti ṣí i. Ènìyàn ogún lè ti rí i, kí tiyín ṣì jẹ́ eérú. Ohun kan wà tó dára níbẹ̀: ẹni tó pa tíìkì búlúù fóònù ẹ̀ kò lè fi pamọ́ nínú gúrúùpù, orúkọ ẹ̀ á jáde. Ṣùgbọ́n `Read by` kò sọ pé ẹni náà kà á, ó kàn sọ pé ó ṣí gúrúùpù náà ni. Bákan náà, ẹni tó wà lábẹ́ `Delivered to` lè ti ka gbogbo ẹ̀ lójú fóònù tó wà ní títì, láìṣí Wasáàpù rárá. Ọ̀rọ̀ yín kò gùn, gbogbo ẹ̀ lè hàn níbẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ti wò ó. Ẹni mẹ́fà ló wà lábẹ́ `Read by`, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lábẹ́ `Delivered to`. Àwọn márùn-ún yòókù kò tíì rí i gbà, bóyá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Ìyá Ẹlẹ́pà wà nínú àwọn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yẹn. Ọmọbìnrin wọn wà nínú àwọn mẹ́fà.

Ìdáhùn: Ó dáa, ẹ pa á báyìí. `Delete for everyone` ni kí ẹ yàn, kì í ṣe `Delete for me`. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣàṣìṣe: ìpayà á mú wọn, wọ́n á pa á lójú ara wọn nìkan, á sì wà níwájú gbogbo ayé. Tó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, `Undo` á hàn nísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré. Tó bá kọjá lọ, ẹ pe alábòójútó gúrúùpù lórí fóònù, òun náà lè pa á fún gbogbo ènìyàn. Wasáàpù fún yín ní ọjọ́ méjì àti díẹ̀ láti fi pa ọ̀rọ̀, nítorí náà àkókò ṣì wà. Ti àtúnkọ ni ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn sì ti lọ. Inú mi ò bàjẹ́ sí i, nítorí ẹni tó ti ka ti àkọ́kọ́ tó wá rí `Edited` á ní ẹ ń dọ́gbọ́n ni.

Tẹ́ ẹ bá pa á tán, `This message was deleted` á dúró síbẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìsọ nǹkan kan, torí àwọn tí kò rí i á máa bi àwọn tó rí i léèrè. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ bóyá ẹnì kan ti fèsì sí i. Tó bá fèsì, ọ̀rọ̀ yín á ṣì wà lókè èsì ẹ̀, ẹni tó kọ èsì náà tàbí alábòójútó ló lè yọ ọ́ kúrò.

Ẹ jẹ́ ká wá ka ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí kò mọ̀dí ẹ̀ á ṣe kà á. “Má gbé aṣọ” ni ẹ kọ, kì í ṣe “ẹ má gbé.” Ọ̀rọ̀ sí ẹnì kan ni, ẹni tó sì kéré sí yín. Gbogbo ẹgbẹ́ á mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ó ṣìnà ni, pé ẹ ò dìde láti dójú ti ìyá yẹn. “Wọn” tí ẹ lò tún dáàbò bò yín: lẹ́yìn wọn gan-an, ẹ ò fi ẹnu bù wọ́n. Ká ní ẹ kọ “kò tíì sanwó, má gbé fún un” ni, ọ̀tọ̀ ni ohun tí à bá máa sọ. Gbólóhùn kẹta jẹ́ òfin ọjà lásán, kò sí ẹni tí yóò bá yín jà lórí ìyẹn. “Ẹnu lásán” ni èébú, á ta ọmọ wọn lára. Ṣùgbọ́n gbólóhùn àkọ́kọ́ ló wúwo jù, torí gbèsè ni, ìta gbangba lẹ sì ti sọ ọ́. Ṣé ó dá yín lójú pé wọn ò tíì sanwó lóòótọ́? Ẹ bi àbúrò yín kí ẹ tó pe ìyá náà.

Ìbéèrè: Ha! Àbúrò mi ní wọ́n ti fún òun lówó náà lọ́wọ́ láti ọjọ́ Tuesday, òun gbàgbé láti sọ fún mi ni. Mo ti pa á o, kò sí ẹni tó fèsì. Kí ni kí n kọ báyìí?

Ìdáhùn: Ìyẹn yí i padà. Gbèsè tó jẹ́ òótọ́, ìtìjú ọjọ́ kan ni. Èyí tí kò sí ni ẹ fi bà wọ́n lórúkọ jẹ́, nítorí náà “ẹ má bínú, mo ṣìnà” kò tó. Ó máa dà bíi pé òótọ́ ni, pé ibi tí ẹ sọ ọ́ sí ló kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ pe ìyá náà ná, ẹ má kọ̀wé. Ẹ sọ ohun tí ẹ kọ fún wọn tán, pẹ̀lú “ẹnu lásán” yẹn, torí ọmọ wọn ti lè sọ ọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ọ́ sínú gúrúùpù: “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin màmá. Mo fi ọ̀rọ̀ kan síbí láàárọ̀ yìí pé Ìyá Ẹlẹ́pà ò tíì sanwó aṣọ. Irọ́ ni, èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Wọ́n ti san gbogbo ẹ̀ láti ọjọ́ Tuesday. Mo ti pè wọ́n, mo sì ti bẹ̀ wọ́n. Aṣọ wọn ti wà nílẹ̀.”

Ẹ má dárúkọ àbúrò yín níbẹ̀. Ní ti ọmọbìnrin yẹn, ẹ fi ti ẹ̀ ránṣẹ́ sí i lọ́tọ̀, kí ẹ sì wo orúkọ tó wà lókè kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.