Bí A Ṣe Ń Ṣe Káàdì Ibùdó fún Eré Ìmárale Aláyìíká Àwọn Ọmọ Sẹ́kọ́ńdírì

Nínú eré ìmárale aláyìíká, àwọn ọmọ máa ń lọ láti ibùdó kan sí òmíràn, káàdì tó wà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan ló sì ń sọ eré tí wọ́n máa ṣe níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ káàdì ibùdó tí mo ti rí, àwòrán ẹnì kan tó ń ṣe púṣọ́ọ̀pù ló wà lójú rẹ̀, wọ́n á sì kọ "20" sábẹ́ àwòrán náà. Bí fèrè bá ti dún, ọmọ tó lágbára á yára ṣe ogún yẹn tán, á wá dúró máa wò káàkiri. Ọmọ tí kò lè ṣe ẹyọ kan á dà ìbàdí sílẹ̀, á máa gbé orí sókè sódò títí àkókò á fi pé. Àwọn méjèèjì ni káàdì náà kò ṣe láǹfààní.

Nígbà tí R. E. Morgan àti G. T. Adamson gbé irú eré ìmárale yìí kalẹ̀ ní Yunifásítì Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1953, ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí oníkálukú máa ṣe é níwọ̀n agbára tirẹ̀, kí gbogbo wọn sì jọ wà ní gbọ̀ngàn kan náà. Káàdì ló yẹ kó gbé iṣẹ́ yẹn fún wa. Ó gbọ́dọ̀ sọ fún ọmọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀, àmì tó máa rí kó tó gòkè, àti àmì tó máa rí kó tó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ yan eré mẹ́fà

Apá yìí kò le. Ẹ mú púṣọ́ọ̀pù, ìlóṣòó, dídúró gbọnrangandan lórí ìgúnpá, ìgbésẹ̀ gígùn, gbígbé ìbàdí sókè láti ìdùbúlẹ̀, àti sísáré lójú kan. Ẹ tò wọ́n kí ẹ̀yà ara kan má ṣe ṣiṣẹ́ ní ibùdó méjì tó tẹ̀ léra: lẹ́yìn ọwọ́, ẹsẹ̀, lẹ́yìn ẹsẹ̀, ikùn. Mi ò fi eré fífà kún un, nítorí ó fẹ́ ọ̀pá tó dúró dáadáa, káàdì yìí sì wà fún ibi tí kò ti sí nǹkan kan bí kò ṣe ilẹ̀ àti bẹ́ńṣì. Mi ò fi fífò kún un náà. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń dún gbì nígbà tó bá balẹ̀ kò tíì tó ẹni tó ń fò nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́.

Títo ipele: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í

Ẹ má ṣe kánjú níbí. Àṣìṣe mẹ́ta ni mo máa ń rí. Èyí àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n fi iye ṣe ipele: márùn-ún fún ẹni tí kò lágbára, mẹ́wàá fún ẹni tó wà láàárín, ogún fún ẹni tó le. Ẹni tí kò lè ṣe ẹyọ kan kò lè ṣe márùn-ún, nítorí náà kò sí ipele kankan tó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Èkejì ni pé kí wọ́n fi eré mìíràn rọ́pò, bíi kí wọ́n ní kí ẹni tí kò lè ṣe púṣọ́ọ̀pù máa ju ọwọ́ síwájú sẹ́yìn. Ó lè ṣe é títí ọdún á fi yí po, kò ní fi sún mọ́ púṣọ́ọ̀pù. Ẹ̀kẹta ló burú jù torí pé kì í tètè hàn: kí wọ́n yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ á bọ́ láti orí bẹ́ńṣì sí ilẹ̀, wọ́n á tún ní kó máa rọra sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe ń ṣe é. Tó bá kùnà, kò sẹ́ni tó máa mọ èwo nínú méjèèjì ló dá a dúró.

Òfin náà ni pé láti ipele kan sí ìkejì, eré kan náà ni, nǹkan kan ṣoṣo ló sì ń yí padà. Nǹkan tó lè yí padà kò pọ̀: gíga ibi tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wà, bí ara ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ tó, bó ṣe ń yára sí, àti iye ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi púṣọ́ọ̀pù ṣe é tán, torí òun ni wọ́n ti ṣe ìwọ̀n rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ènìyàn bá ń ṣe púṣọ́ọ̀pù lórí ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbé nǹkan bí ìdá 64 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀. Bí ọwọ́ bá wà lórí ohun tó ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ó di nǹkan bí 55. Lórí ohun tó ga tó 60, ó di 41. Bí ẹsẹ̀ ló bá wà lórí ohun tó ga tó 30, ó gòkè sí 70. Fún ọmọ tó wọn 50 kílò, ìyẹn ni pé ọwọ́ á gbé bíi kílò 20 lórí tábìlì, 27 lórí bẹ́ńṣì kúkúrú, 32 lórí ilẹ̀, 35 nígbà tí ẹsẹ̀ bá ga. Nítorí náà, ipele márùn-ún inú káàdì mi rèé:

1. Ọwọ́ lórí ohun tó ga tó 60 sẹ̀ǹtímítà.
2. Ọwọ́ lórí ohun tó ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà.
3. Ọwọ́ lórí ilẹ̀.
4. Ọwọ́ lórí ilẹ̀, kí o ka ẹ̀ẹ̀mẹ́ta bí o ti ń sọ̀ kalẹ̀.
5. Ẹsẹ̀ lórí ohun tó ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà, bó ṣe máa ń yá.

Ẹ ó rí i pé ìpele kẹrin kò fi ìwọ̀n kún un rárá, àkókò ló fi kún un. Ẹ ó tún rí i pé nígbà tí a dé ìkarùn-ún, a dá ìyára padà sí ti tẹ́lẹ̀, ká má baà gbé ẹrù méjì lé ọmọ lórí.

Àwọn kan á bi mí pé orúnkún ńkọ́. Mo mọ̀ pé púṣọ́ọ̀pù lórí orúnkún, tó ń gbé nǹkan bí ìdá 49, lè dúró láàárín ìpele kìíní àti ìkejì. Mi ò fi sí i, ẹ̀yin náà ẹ má fi sí i. Ọmọ tó wà lórí orúnkún kò kọ́ bí a ṣe ń di ìbàdí mú, ohun tó sì máa ń bà púṣọ́ọ̀pù jẹ́ jù nìyẹn. Nígbà tí ọwọ́ bá wà lórí tábìlì, ara á nà láti gìgísẹ̀ dé orí gẹ́gẹ́ bí yóò ṣe nà lórí ilẹ̀.

Tí kò bá sí bẹ́ńṣì, àtẹ̀gùn ilé á ṣe é. Ẹ mú ohun tí a fi ń wọn nǹkan, kí ẹ wọ̀n ọ́n: ìgbésẹ̀ méjì sábà máa ń sún mọ́ 30 sẹ̀ǹtímítà, mẹ́rin á sún mọ́ 60 tàbí kó lé díẹ̀. Àga lásán kò dára. Ó máa ń yọ̀, ojú ọmọ ni á sì kọ́kọ́ balẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo tábìlì, ẹ tì í mọ́ ògiri.

Àmì gígòkè àti àmì sísọ̀ kalẹ̀

Láìsí àmì, ọmọ onígbéraga á lọ sí ìpele karùn-ún lọ́jọ́ kìíní, onítìjú á sì dúró sí ìkíní títí sáà á fi parí. Ohun tí mo máa ń kọ ní ìsàlẹ̀ káàdì púṣọ́ọ̀pù nìyí: "Tí o bá ṣe 10 tó mọ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, ní kíláàsì méjì tó tẹ̀ léra, gòkè. Tí o kò bá lè ṣe 5 tó mọ́, tàbí tí ìbàdí rẹ bá tẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀." Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ń jẹ́ èyí tó mọ́: àyà dé ibi tó ku ìkúùkù kan kó kan ibi tí ọwọ́ wà, ara nà, ìgúnpá kò ṣí gbalaja sí ẹ̀gbẹ́.

Ọmọ kì í rí ìbàdí ara rẹ̀. Nítorí náà méjì-méjì ni kí wọ́n ṣe é: ọ̀kan ń ṣe, èkejì kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ka èyí tó mọ́ nìkan. Èyí tó bá wọ́, kò ní kà á. Àkókò tí ọ̀kan ń kà ló jẹ́ ìsinmi rẹ̀.

Ní ti àwọn eré yòókù, ọ̀nà kan náà ni. Ìlóṣòó bẹ̀rẹ̀ láti jíjókòó sórí bẹ́ńṣì ká sì dìde, lẹ́yìn náà láìsí bẹ́ńṣì, lẹ́yìn náà ká dúró kí a ka mẹ́ta nísàlẹ̀. Àmì sísọ̀ kalẹ̀ ni pé orúnkún ń wọ inú tàbí gìgísẹ̀ ń gbéra. Gbígbé ìbàdí bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ méjì, ó sì parí sí ẹsẹ̀ kan. Ní dídúró gbọnrangandan, ẹ má fi ìṣẹ́jú gígùn ṣe ipele: ìṣẹ́jú àáyá 20 láìtẹ̀ tó, kó sì gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀ lẹ́yìn náà. Gbogbo káàdì gbọ́dọ̀ ní ìlà kan yìí: "Tí oríkèé bá ń dùn ọ́, tí òòyì bá ń kọ́ ọ, tàbí tí àyà bá ń dùn ọ́, dúró kí o pe olùkọ́."

Ìkọ̀wé àti yíyàwòrán

Nọ́ńbà nìkan ni kí ẹ fi pe ipele. Ẹ má kọ "ti àwọn tó rọ̀", ẹ má kọ "ti obìnrin". Kò sí ọmọ tó máa dúró níwájú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí àwòrán ipele márààrún tóbi bákan náà. Àwòrán ènìyàn tí ẹ fi ìlà lásán yà pẹ̀lú máákà ti tó, ṣùgbọ́n ẹ yà á nígbà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kì í ṣe nígbà tó wà lókè. Ìsàlẹ̀ ni ara ti máa ń wó, ibẹ̀ ló yẹ kí ọmọ wò.

Kí orúkọ eré náà ga tó sẹ̀ǹtímítà 2 ó kéré tán. Ọ̀rá ìfáìlì tó mọ́ gaara ni mo máa ń ki ìwé náà sí, kì í ṣe ọ̀rá tí wọ́n ń fi iná lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí ẹ ó ṣì ṣàtúnṣe sí i. Ẹ fi páálí líle sẹ́yìn rẹ̀ kó lè dúró.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó lò ó

Ẹ pe ọmọ mẹ́ta: ẹni tí kò lágbára, ẹni tó wà láàárín, ẹni tó le jù. Ẹ gbé káàdì fún wọn, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n bá bi yín ni ohun tí káàdì kò sọ. Ẹ ní kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ ní ìpele kejì. Ká ní ọmọ kan ṣe 3 níbẹ̀, tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìkíní, tó wá ṣe 8: ipele náà bá a mu. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe 14 ní ìkíní, tó sì jẹ́ pé 3 náà ló ṣì ń ṣe ní ìkejì, àlàfo wọn ti fẹ̀ jù fún un. Ẹ wá ohun tó ga tó 45 sẹ̀ǹtímítà sí àárín.

Nígbà tí ẹ bá kó gbogbo kíláàsì wọlé, ìṣẹ́jú àáyá 30 fún ẹni kìíní, 30 fún ẹnìkejì rẹ̀, 15 láti kọjá sí ibùdó tó kàn. Ìyípo kan á gba ìṣẹ́jú méje àti ààbọ̀, méjì á gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ibùdó kan kò gbọ́dọ̀ ní ju méjì-méjì mẹ́ta lọ; bí ọmọ bá ju 36, ẹ ṣe káàdì náà ní ẹ̀dà méjì. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ipele àti iye tó mọ́ sínú ìwé tirẹ̀ kó tó kúrò ní ibùdó, nítorí ibẹ̀ ni yóò ti mọ̀, ní kíláàsì tó ń bọ̀, bóyá ó ti tó láti gòkè.