Bí a ṣe ń mọ wọ́tà hítà ojú ẹsẹ̀ tó máa tó gbogbo ilé

Iye lítà tó wà lára páálí wọ́tà hítà onígáàsì kò dá dúró. "Lítà 10" sábà máa ń jẹ́ lítà 10 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí hítà bá fi dígírì 25 kún bí omi ṣe gbóná tó nígbà tó wọlé. Ẹ wo ìwé rẹ̀ bóyá 25 náà ni wọ́n lò. Agbára rẹ̀ nìyẹn: 10 × 25 = 250. Ohun tí ilé yín nílò la máa fi wé e.

Ẹ kọ́kọ́ wọn omi. Ẹ ṣí ṣáwà bí ẹ ṣe máa ń ṣí i tí ẹ bá ń wẹ̀, ẹ gbé korobá lítà 10 sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì wo aago. Tó bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 75, 10 × 60 ÷ 75 jẹ́ 8, ìyẹn lítà 8 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ro gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé pọ̀ o. Èyí tó ń ṣí pa pọ̀ nìkan lẹ máa kà. Ká ní ilé kan n'Íbàdàn ni, tí ènìyàn méjì ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀, lítà 16 nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ki tẹmọ́mítà bọ omi táǹkì ní ìdájí ọjọ́ ọyẹ́. Omi ọ̀sán á tàn yín jẹ, torí oòrùn ti gbóná sí táǹkì. Tó bá jẹ́ dígírì 22, tí ẹ sì fẹ́ wẹ omi 40, 18 ló kù. 16 × 18 = 288. Hítà lítà 10 kò tó. Ti lítà 12, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 300, tó ṣíún. Bí wọ́n bá tún ń fọ abọ́ ní kíṣìnnì pẹ̀lú lítà 4, ó di 20 × 18 = 360, ẹ ra ti lítà 16. Bí ẹ bá tilẹ̀ yí hítà sí 50, tí ẹ wá fi omi tútù là á, ìṣirò náà kò yí padà.

Oníná ńkọ́? Ẹ fi 0.07 lọ́po 288, ó jẹ́ nǹkan bíi kìlówáàtì 20. Lórí fóòtì 230, ìyẹn ń lọ sí áńpíà 88, tí wáyà ilé oníféèsì kan kì í sábà gbé. Hítà kékeré oníkìlówáàtì 3.5 kò lè mú ju lítà 3 gbóná tó bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyẹn tí omi rẹ̀ fi máa ń tín-ín-rín.

Bí iná hítà onígáàsì bá ń tàn nígbà tí ẹ ṣí omi tán pátá, tó sì ń kú bí ẹ bá dín in kù, omi ni kò tì í dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn kì í tàn tí omi kò bá tó lítà 2.5 tàbí 3 ní ìṣẹ́jú kan. Táǹkì tí kò ga tó ló sábà ń fà á, pọ́ǹpù ló sì máa yanjú rẹ̀, kì í ṣe hítà ńlá. Ara ògiri ìta ni kí ẹ gbé e kọ́, kì í ṣe inú balùwẹ̀: èéfín rẹ̀ kò lóòórùn, ó sì lè pa ẹni tó ń wẹ̀.