Bọ́tìnì Atẹ́gùn Ọkọ̀: Ìgbà Tí A Ń Tì Í àti Ìgbà Tí A Ń Ṣí I

Bọ́tìnì kan wà nítòsí ti éésì nínú ọkọ̀, wọ́n ya mọ́tò sí i lára, ọfà kan sì ń yí po nínú mọ́tò náà. Bí iná rẹ̀ bá tàn, atẹ́gùn inú ọkọ̀ náà ni fáànù ń fà tó sì tún ń fẹ́ jáde. Bí iná náà bá kú, atẹ́gùn ìta ló ń wọlé láti àwọn ihò tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, níbi tí wáípà sùn sí. Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, irin kékeré kan tí a ń tì sọ́tùn-ún sósì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bó bá jẹ́ atẹ́gùn inú ọkọ̀ ló ń yí po, èmi máa ń pe ìyẹn ní títì; bó bá jẹ́ ti ìta ló ń wọlé, mo ń pe ìyẹn ní ṣíṣí.

Ti ooru kò le. Ọkọ̀ tó ti wà nínú oòrùn látàárọ̀, inú rẹ̀ gbóná ju ìta lọ, nítorí náà má kọ́kọ́ tì í. Sọ gbogbo fèrèsé kalẹ̀, tan éésì, fi bọ́tìnì sí ṣíṣí, kí o sì wakọ̀ fún ìṣẹ́jú 1 tàbí 2. Lẹ́yìn náà, gbé fèrèsé sókè, kí o wá tì í. Láti ìgbà náà lọ, atẹ́gùn tó ti tutù díẹ̀ ni éésì yóò máa tún tutù. Mo ti rí ẹni tó fi í sí ṣíṣí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó lọ́sàn-án gangan, tí éésì rẹ̀ kò fi tutù tó, tó wá lọ sanwó gáàsì éésì tí kò tán.

Òjò gan-an ló ń dójú ti àwọn awakọ̀. Lọ́jọ́ kan, òjò ká wa mọ́ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Àwa márùn-ún la wà nínú ọkọ̀, aṣọ àwa mẹ́ta sì ti rin gbingbin. Ẹ̀gbọ́n tó ń wakọ̀ ti tì í láti àárọ̀, ó wá pa éésì nítorí òtútù. Kò pẹ́ tí kùrukùru fi bo gíláàsì. Ó ń fi àkísà nù ún, ó tún ń bò padà, díẹ̀ ló kù ká kọ lu ẹ̀yìn tírélà.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i, kí ẹ sì tan éésì."

"Nínú òtútù yìí?"

Ó ṣe é ṣá, gíláàsì sì mọ́.

Èémí wa àti aṣọ tútù ló kó omi sínú atẹ́gùn, títì sì dí ọ̀nà tí omi náà ì bá gbà jáde, ló bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Éésì kì í tutù nìkan, ó máa ń fa omi kúrò nínú atẹ́gùn. Omi tó ń kán lábẹ́ ọkọ̀ ẹ nígbà tí éésì bá ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí òtútù bá ń mú ẹ, yí kọ́kọ́rọ́ ooru sókè, ṣùgbọ́n jẹ́ kí éésì wà ní títàn.

Kó o tó fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan, fi ìka fa ìlà sí gíláàsì láti inú. Bí ìlà náà bá hàn, inú ni kùrukùru wà: ṣí i, tan éésì, darí atẹ́gùn sí gíláàsì iwájú, kí fáànù sì le. Bí ìlà kò bá hàn, ìta ló wà. Éésì ló ti mú gíláàsì tutù jù, tí omi inú atẹ́gùn ìta fi ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá tún fẹ́ òtútù sí i ń dá kún un ni. Lo wáípà, darí atẹ́gùn kúrò lára gíláàsì, kí o sì dín òtútù kù.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù: bí gíláàsì bá ti mọ́, má ṣe pa éésì kí òjò tó dá. Omi tó ti gbá jọ sára ẹ̀rọ rẹ̀ yóò tún fẹ́ padà sínú ọkọ̀, gíláàsì á sì tún bò kíákíá. Gíláàsì tó dọ̀tí nínú náà máa ń tètè bò. Ìwé ìròyìn àtijọ́ àti omi díẹ̀ ni mo fi ń nu tèmi, mi ò ra oògùn gíláàsì rí.

Ní ti eruku, tì í kó o tó wọ inú rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí imú bá ti ń yún ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ́yìn tírélà tó ń tú èéfín. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ilẹ̀ pupa bá gùn, tí ọkọ̀ kankan kò sí níwájú, ṣíṣí ni mo máa ń fi í sí, pẹ̀lú fáànù tó le díẹ̀. Atẹ́gùn tó ń wọlé ń ti eruku padà lẹ́nu rọ́bà ilẹ̀kùn àti ti búùtù. Fílítà tó mọ́ ló ń jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Ẹ̀yìn pígínhóòlù ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Gbọ̀n ọ́n mọ́ táyà, má gbé e fún fọkanáísà láti fẹ́, torí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ lè ya á. Èmi máa ń pààrọ̀ tèmi kí ọyẹ́ tó dé.

Bí ẹ bá pọ̀ nínú ọkọ̀, má tì í kọjá ìṣẹ́jú 20 láìṣí i díẹ̀, torí èémí yín á dá oorun sí yín lójú. Bó bá sì jẹ́ pé èéfín ẹ̀ńjìnnì lò ń gbọ́ òórùn rẹ̀ nígbà tó wà ní títì, sọ gbogbo fèrèsé kalẹ̀, kó o gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ, kó yẹ sàléńsà wò.