Ẹ fi ìwé sọ́fè ṣáájú iye owó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ta ilẹ̀, nínú ìpolówó yín, ẹ fi àwòrán ìwé sọ́fè ṣáájú iye owó, kí nọ́ńbà àwọn òpó ààlà àtàwọn igun ilẹ̀ hàn ketekete. Òun ni wọnlẹ̀wọnlẹ̀ olùrà máa gbé lọ sí ọ́fíìsì Sọ́feyọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Ẹ fi fídíò ọ̀nà sí i, láti títì ọlọ́dà dé orí ilẹ̀ láì gé e. Ẹ yà á lẹ́yìn òjò, torí ibi tí ọkọ̀ ti ń rì ni olùrà ń bẹ̀rù jù. Àmọ́ sọ́fè kì í sọ bóyá ẹbí ti ta ilẹ̀ fún ẹlòmíì. Olórí ẹbí ló lè dáhùn ìyẹn.